Mo ti pe ọgá rẹ̀ àtijọ́, ó ní “ọmọ dáadáa ni.” Kí ló tún kù tí mo lè bèèrè?

Ìyá Ẹlẹ́yin
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oko adìyẹ mi wà lójú ọ̀nà Ìpetumodù, téèyàn bá ti Ilé-Ifẹ̀ jáde. Léyà 2,000 ló wà níbẹ̀ báyìí, mo sì ń wá máníjà tí yóò máa gbé inú oko. Nínú àwọn tó wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Iléṣà ló wù mí jù. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé oko kan tó ní léyà 1,800 lòun ti ṣiṣẹ́, pé kréètì 20 ni wọ́n ń kó lójúmọ́ nígbà tóun dé, àmọ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọ́n ti ń kó 50.

Ẹni mẹ́ta ló ní ká bi léèrè nípa òun: pásítọ̀ rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ kan, àti ọgá tó ni oko náà. Mo pe ọgá. Ọ̀rọ̀ wa ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ: “Ọmọ dáadáa ni, olóòótọ́ ni, kò ní ìjàngbọ̀n, ẹ gbà á.” Pásítọ̀ ní ó ń kọrin nínú kwáyà, kì í sì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo rẹ̀ dùn létí, àmọ́ kò sí èyí tó sọ fún mi bó ṣe ń tọ́jú adìyẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gba èèyàn síṣẹ́ tipẹ́, kí lẹ máa ń bi irú àwọn ọgá bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́
Mà, ẹ má da ara yín láàmú. Fọ́ọ̀mù onídùúró ni kẹ́ ẹ fún un. Onídùúró méjì, kí ọ̀kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, kí èkejì ní ilé tirẹ̀ nílùú. Ẹ gba fọ́tò wọn, ẹ gba ìwé iná, ẹ ní kí wọ́n lọ búra ní kóòtù, kẹ́ ẹ sì fi ẹsẹ̀ ara yín dé ilé wọn. Tó bá kó ẹyin sá lọ, ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa mú. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyẹn, owó mi ò sì tíì sọnù.

Àgbà Ìsọ́kùn
Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, ẹ ò purọ́, àmọ́ olè lẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn mọ́. Onídùúró fọwọ́ sí i pé tówó bá sọnù, òun á san án. Kò bá ọmọ náà dé inú oko rí. Olóòótọ́ èèyàn tí kì í mú ẹyin kan ṣoṣo lè gbàgbé láti fọ ọpọ́n omi fún ọjọ́ mẹ́rin, kí adìyẹ sì máa kú. Ìyá Ẹlẹ́yin, ẹ gba fọ́ọ̀mù náà o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ilé iṣẹ́ kan níbí ní Iléṣà ni mo ti ń gba òṣìṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa bi yín ni pé: nọ́ńbà tẹ́ ẹ pè yẹn, ibo lẹ ti rí i? Bó bá jẹ́ inú ìwé ọmọ náà ni, ẹ ò tíì mọ̀ bóyá ọgá ló gbé e. Mo ti rí i tí ẹ̀gbọ́n èèyàn di “máníjà àgbà” lórí fóònù. Ẹ wá nọ́ńbà oko náà gba ibòmíì: lára pátákó iwájú oko, lọ́wọ́ ẹni tó ń tà fíìdì fún wọn, tàbí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin adìyẹ. Ẹni tó ń tà fíìdì mọ olóko ju bí pásítọ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ìkejì, kẹ́ ẹ tó pè, ẹ jókòó pẹ̀lú ọmọ náà kẹ́ ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ bá ọgá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà. Láti 2023 la ti ní òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni nílẹ̀ yìí, kò sì yẹ kéèyàn máa wádìí ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ti gbà, ẹ wá bi í pé, “Tí mo bá pè wọ́n lọ́la, kí ni wọ́n máa sọ pé ó dáa nínú iṣẹ́ rẹ? Kí ni wọ́n máa sọ pé kò dáa?” Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ẹ máa pè lóòótọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ bù mọ́ ọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ mú ibi tó kù díẹ̀ káàtó jáde.

Ẹlẹ́ja Sábó
Ọlọ́run ló ní kí n rí ọ̀rọ̀ yìí lónìí. Ọmọbìnrin kan tó ń bá mi ta ẹja tútù ti fi orúkọ mi sílẹ̀ níbòmíì pé kí wọ́n bi mí nípa òun. Ní gbogbo Sátidé, owó máa ń dín díẹ̀ díẹ̀. N ò rí i kó mú un, àmọ́ látìgbà tó ti lọ, kò dín mọ́. Kí ni kí n sọ fún wọn? N ò fẹ́ ba ọjọ́ ọ̀la ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, n ò sì fẹ́ purọ́.

Àgbà Ìsọ́kùn
Ìyá oníṣòwò, ìbéèrè tiyín yàtọ̀ sí èyí tó wà nílẹ̀, àmọ́ ó fara pẹ́ ẹ. Ohun tẹ́ ẹ rí nìkan ni kẹ́ ẹ sọ: ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó lọ, iṣẹ́ tó ṣe. Bí wọ́n bá bèèrè owó, ẹ lè ní ìṣirò máa ń dín nígbà tó wà níbẹ̀, pé ẹ ò mọ ẹni tó mú un. Ẹ má pè é ní olè. Ẹ má sì pè é ní áńgẹ́lì kó lè tètè kúrò lọ́rùn yín.

Ìyá Ẹlẹ́yin, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nìyẹn o. Ọgá tó ń yin òṣìṣẹ́ lè máa wá ibi tó máa jù ú sí. Ọgá tó ń bu òṣìṣẹ́ lè máa bínú pé ó fi òun sílẹ̀. Ìyìn àti èébú ò ná èèyàn ní nǹkan kan. Ohun tó ṣòro láti pèsè lójú ẹsẹ̀ ni ìtàn tó ní ọjọ́, tó ní iye, tó ní ohun tí ẹni náà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ẹ má bi wọ́n pé, “Ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa?” Kí ni wọ́n tún máa sọ ju bẹ́ẹ̀ ni lọ? Ẹ ní, “Ẹ sọ ọjọ́ kan tí nǹkan dojú rú nínú oko tẹ́ ẹ ò sí nílé. Kí ló kọ́kọ́ ṣe?” Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dákẹ́.

Dókítà Ẹran
Ẹ jẹ́ n bá yín dé ọ̀rọ̀ kréètì yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni mo ti fura.

Ẹyin 30 ló wà nínú kréètì kan. Kréètì 20 jẹ́ ẹyin 600, tó túmọ̀ sí pé nínú adìyẹ 1,800, ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń yé. Kréètì 50 jẹ́ ẹyin 1,500, ìyẹn nǹkan bí adìyẹ 83 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó jọ iṣẹ́ ńlá. Àmọ́ léyà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí yé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20, ẹyin á sì máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Tí oúnjẹ àti omi bá pé, nígbà tí wọ́n bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ 28 tàbí 30, ó yẹ kí wọ́n ti lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ọmọ yìí bá bá adìyẹ ní ọ̀sẹ̀ 21, bí mo bá gbé àga síbẹ̀ tí mo sì ń sùn, kréètì á ṣì máa gòkè. Kódà, 83 lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kéré.

Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 45 ló bá wọn, tí wọ́n ti já sílẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta, tó sì gbé wọn padà sí 83, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Nígbà yẹn pàápàá, ẹ bèèrè ohun tó yí padà gan-an. Àìsàn wà tó máa ń já ẹyin wálẹ̀, tí ẹyin á sì gòkè padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ bi ọgá pé, “Ọ̀sẹ̀ mélòó ni àwọn adìyẹ yín wà nígbà tó dé?” Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi í pé mélòó ló kú, pé báàgì fíìdì mélòó ni wọ́n ń lò lójúmọ́. Adìyẹ 1,800 ò yẹ kó jẹ ju báàgì oníkílò 25 mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án lọ. Tí wọ́n bá ní 11, ẹ bèèrè ibi tó ń gbà.

Ọmọ Iṣẹ́
Ẹ forí jì mí o, ẹ̀yin àgbà, àmọ́ gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ọgá. Èmi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí, mo sì ń wá òmíràn. Tẹ́ ẹ bá pe ọgá mi lónìí, lọ́la ni wọ́n máa lé mi. Ọgá tí mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́, owó oṣù méjì ló jẹ mí. Tẹ́ ẹ bá pè é, ṣé ire ló máa sọ nípa ẹni tó ń bèèrè owó rẹ̀?

Àgbà Ìsọ́kùn
Òótọ́ lo sọ. Ẹni téèyàn ń bá ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, a kì í pè é àfi tí òṣìṣẹ́ náà bá ní ká pè é, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn tí ìwé ìgbàsíṣẹ́ bá ti wà nílẹ̀ ni. Ti ọgá tó jẹ gbèsè, ìdí rèé tí mo fi ní kí wọ́n máa bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọgá tó bínú á ní, “Ọ̀lẹ ni.” Ẹ ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní ọjọ́ kan tó ṣọ̀lẹ.” Bí kò bá ti rí ọjọ́ kankan, ẹ mọ̀ pé inú ló ń bí i. Kẹ́ ẹ sì wá ẹlòmíràn tó rí iṣẹ́ náà, tí kì í ṣe ọgá, tí kì í ṣe ìbátan: ẹni tó ń ra ẹyin lóko, dókítà ẹran tó ń wá fún wọn ní abẹ́rẹ́. Tí ọ̀rọ̀ ẹni méjì tí kò bára wọn sọ bá jọra, ó tó gbé lé.

Ìbéèrè méjì tó kẹ́yìn, Ìyá Ẹlẹ́yin. Ẹ bi ọgá pé nínú gbogbo ẹni tó ti ṣe máníjà fún un, ipò kelòó ni ọmọ yìí wà. Ojú ń ti èèyàn láti sọ pé ẹnì kan ò dáa, kì í ti èèyàn láti sọ pé ẹlòmíì dáa jù ú lọ. Kẹ́ ẹ wá ní, “Tí àyè bá ṣí lónìí, ṣé ẹ máa gbà á padà?” Ẹ fetí sí bó ṣe pẹ́ tó kó tó dáhùn, ẹ sì fetí sí ohun tó bá fi kún “bẹ́ẹ̀ ni.”

Ìyá Ẹlẹ́yin
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ṣe é. Ẹ jẹ́ n ròyìn.

Ẹni tó ń tà fíìdì fún wọn ni mo ti gba nọ́ńbà. Ọgá kan náà ni, ohùn kan náà, ọpẹ́ ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n fún mi ní àkókò díẹ̀, wọ́n ní kí n pè lálẹ́ tí wọ́n bá ti jẹun. Àlẹ́ yẹn ni wọ́n tó jókòó bá mi sọ̀rọ̀.

Mo bèèrè ọjọ́ orí adìyẹ. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 16 làwọn rà wọ́n, ọmọ náà sì dé ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀. Dókítà, ẹ ò jẹ̀bi: ọ̀sẹ̀ 20, 21. Nígbà tí mo ní ìwé rẹ̀ sọ pé òun ló gbé kréètì láti 20 dé 50, wọ́n rẹ́rìn-ín: “Àsìkò ló gbé e, kì í ṣe òun.” Mo wá ní, kí wá ni òun ṣe? Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn kan.

Wọ́n ní nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn wà ní Ìbàdàn, ẹ̀rọ tó ń fa omi jóná ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá àárọ̀, oòrùn sì mú gan-an. Kí ọmọ náà tó pè wọ́n rárá, ó ti yá jerikáàni jọ, ó ti gba ọkọ̀ akẹ́rù aládùúgbò, ó sì ti lọ pọn omi dé. Ó dín oúnjẹ ọ̀sán kù kí ooru má bàa pa wọ́n. Adìyẹ mẹ́fà ló kú lọ́jọ́ náà, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó kọ ohun tó fà á síbẹ̀. Wọ́n ní ohun tó jẹ́ káwọn fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, pé kì í fi òkú pa mọ́. Máníjà tó ṣáájú rẹ̀ máa ń ju òkú sínú igbó, ìgbà tí wọ́n bá ka adìyẹ ni wọ́n tó ń mọ̀. Ní gbogbo oṣù 14 tí ọmọ yìí fi wà níbẹ̀, nǹkan bí 120 ló kú.

Mo ní ipò kelòó ló wà. Nínú máníjà mẹ́rin, wọ́n ní òun ni àkọ́kọ́ tó bá di ti adìyẹ, òun sì ni ìkẹyìn tó bá di ti èèyàn. Ọmọ iṣẹ́ méjì ló fi oko sílẹ̀ nítorí ẹnu rẹ̀. Mo wá bi wọ́n bóyá wọ́n á gbà á padà. Fóònù dákẹ́ débi tí mo fi wò ó bóyá ó ti gé. Wọ́n ní, “Màá gbà á. Tí mo bá ní ẹlòmíì tó ń bá mi mójú tó àwọn ọmọ iṣẹ́.”

Mo ti bi ọmọ náà tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe ní kí n ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi yẹn wà nínú ohun tó sọ, kódà ìtàn jerikáàni wà níbẹ̀, àmọ́ ó ní adìyẹ mẹ́rin ló kú. Kò mẹ́nu kan àwọn ọmọ iṣẹ́ rárá.

Dókítà Ẹran
Mẹ́rin àti mẹ́fà ò já mọ́ nǹkan kan, ọjọ́ ti pẹ́. Ká ní iye kan náà ni wọ́n jọ sọ láìsí ìyàtọ̀ kankan, ǹ bá bèèrè bóyá wọ́n jọ sọ̀rọ̀. 120 nínú 1,800 láàárín oṣù 14 ò burú, kò tó méje nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó ń ká mi lára ni 83 yẹn. Kí ló dé tí ẹyin ò kọjá ibẹ̀? Ó lè jẹ́ fíìdì tí ọgá ń rà ni, tí kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà. Ṣé ẹ bèèrè báàgì?

Ìyá Ẹlẹ́yin
Wọ́n ní mẹ́sàn-án lójúmọ́. Ẹni tó ń tà fíìdì náà ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ó ní láàárín ọdún yẹn, ọgá yí padà sí fíìdì kan tó dínwó.

Dókítà Ẹran
Ẹ ti rí i. Ẹ bi ọmọ náà bóyá ó sọ fún ọgá rẹ̀ nígbà tí wọ́n yí fíìdì padà, àti ohun tó rí lára adìyẹ. Tó bá ní èèpo ẹyin rọ̀, tàbí pé ẹyin kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ó ń fojú sí adìyẹ. Tó bá ní òun ò kíyè sí nǹkan kan, ẹ bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọ Iṣẹ́
Mà, ẹ má tíì gba ọ̀rọ̀ “ẹnu rẹ̀” yẹn wọlé o. Ọgá tó ń ra fíìdì tó dínwó, ṣé ó ń san owó oṣù lásìkò? Ó lè jẹ́ owó ló lé àwọn ọmọ yẹn lọ, tí wọ́n wá ti í sọ́rùn máníjà.

Àgbà Ìsọ́kùn
Ó ṣeé ṣe. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó máa ń pariwo mọ́ wọn lóòótọ́. Níbi tọ́rọ̀ dé yìí, ọgá ò lè tún sọ ohun tuntun, àwọn ọmọ yẹn ló mọ̀. Bí ẹ ò bá rí wọn, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló kù. Ẹ má sọ fún un pé ọgá rẹ̀ ló fẹjọ́ sùn. Ẹ kàn ní, “Àwọn ọmọ iṣẹ́ mélòó lo bá níbẹ̀, mélòó lo fi sílẹ̀, kí ló gbé àwọn tó lọ lọ?” Kẹ́ ẹ sì rántí pé ọgá fẹ́ gbà á padà, ohun tó ń bèèrè ni ẹni tó máa dúró láàárín. Ṣé ẹ ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóko?

Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́
Èmi ò lè gba ẹni tó ń lé ọmọ iṣẹ́. Wíwá ọmọ iṣẹ́ tó máa gbé oko ṣòro ju wíwá máníjà lọ lóde òní.

Dókítà Ẹran
Èmi ò lè gba ẹni tó ń ju òkú adìyẹ sínú igbó. Kálukú pẹ̀lú ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Ìyá Ẹlẹ́yin
Àbúrò mi ọkùnrin ló ń san owó àwọn ọmọ iṣẹ́ lóko mi, òun náà ló ń gbà wọ́n, ó sì ń débẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. N ò mọ̀ bóyá ìyẹn tó. Ẹni tó ń tà fíìdì ti ṣèlérí nọ́ńbà ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó lọ, wọ́n ní ó ń gun ọ̀kadà báyìí nítòsí ọjà Àtàkúmọ̀sà. Ọmọ Iléṣà náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Sátidé. Màá kọ́kọ́ bi í nípa fíìdì, lẹ́yìn náà nípa àwọn ọmọ iṣẹ́. Tí mo bá rí ọlọ́kadà yẹn bá sọ̀rọ̀ kó tó di ìgbà náà, ẹ ó gbọ́ ọ níbí.

Ẹlẹ́ja Sábó
Wọ́n ti pè mí o, nípa ọmọbìnrin mi yẹn. Wọ́n kàn bi mí pé ṣé èèyàn dáadáa ni, wọ́n sì ti gbé fóònù sílẹ̀ kí n tó là á yé wọn pé ìṣirò máa ń dín. Ṣé kí n pè wọ́n padà?